Ẹ Ṣé, Mo Dúpẹ́, Ọmọ Yín: Èwo Ló Yẹ Ká Fi Parí Ọ̀rọ̀ Sí Ta Ni?

Mo ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kékeré kan nítòsí Tákié ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lẹ́tà ni mo máa ń tẹ̀ jù níbẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí fóònù tí wọn ò fẹ́ kó ṣì wọ́n lọ́wọ́. Bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ kì í yọ àwọn oníbàárà mi lẹ́nu. Gbogbo wa la mọ̀ọ̀yàn kí. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti máa ń dúró, tí wọ́n á máa fi ìka lu tábìlì, tí wọ́n á wá ní: "Bọ̀dá kọ̀ǹpútà, kí ni ká wá fi parí ẹ̀ báyìí?"

Láìpẹ́ yìí, obìnrin kan tó ń ta gààrí wọlé wá. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n sin ìyá rẹ̀. Ìyá náà ti gbó, ọ̀fọ̀ ayọ̀ ni, àmọ́ ìnáwó ti tán an lára. Ó ní àwọn mẹ́ta kan wà tóun gbọ́dọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn: ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó dúró ti ìkòkò ọbẹ̀ láti ìdájí, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó fi 50,000 náírà ránṣẹ́ láti Ìbàdàn, àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó yá a lówó kí ọjọ́ ìsìnkú tó kù sí dẹ̀dẹ̀. Ohun kan náà ló ti kọ sórí fóònù rẹ̀ fún gbogbo wọn, ó ní kí n bá òun tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí n kàn yí orúkọ òkè padà. Ó ní ìdúpẹ́ ni ìdúpẹ́. Bó ṣe kọ ìparí rẹ̀ nìyí:

Mo dupe fun yin. A o san an pada fun yin bee gege. O digbose.

Mo ní kí ó jókòó ná. Àṣìṣe mẹ́ta ló wà nínú ìlà kan yẹn, èyí tó wà láàárín ló sì lè dá ìjà sílẹ̀.

Ohun tí mo máa ń bèèrè kí n tó tẹ ìparí

Àkọ́kọ́ ni bóyá "o" ni ẹni náà tàbí "ẹ". Ó dà bí ohun tó rọrùn, àmọ́ ọjọ́ orí nìkan kọ́ la fi ń wò ó nílẹ̀ wa. Obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún yìí ní àbúrò ọkọ kan tí kò ju ọmọ ogún ọdún lọ, "ẹ" ló máa ń pè é, nítorí pé wọ́n ti bí ọmọ náà sínú ilé kí òun tó wọlé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó. Bó bá kọ "o ṣé" sí i, kò sí ohun tí ọmọ náà máa sọ, àmọ́ àwọn ìyá ọkọ tó bá gbọ́ máa sọ ọ́.

Ìkejì ni bóyá ọ̀rọ̀ ti parí láàárín ẹ̀yin méjèèjì tàbí nǹkan ṣì kù. Ẹni tó bá ẹ tún ẹ̀rọ amúnáwá ṣe tí o ti sanwó fún, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹni tó yá ẹ lówó, tàbí tí o máa padà lọ bá fún nǹkan mìíràn, kò tíì parí, ìparí lẹ́tà rẹ gbọ́dọ̀ ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀.

Ìkẹta ni mo máa ń tẹnu mọ́ jù, òun ni ohun tí gbólóhùn náà máa ná ẹ. Àwọn ìparí kan ò ní owó lórí. Àwọn kan á mú kí o wọ mọ́tò, kí o ra ẹ̀bùn dání, kí o sì lọ kúnlẹ̀ ní pálọ̀ ẹnì kan. Bí o bá kọ ọ́ tí o ò ṣe é, ó sàn kí o má kọ ọ́ rárá.

O ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣeun

Èyí ló fúyẹ́ jù, òun náà ló sì dára jù fún ọ̀pọ̀ nǹkan. Ọ̀rẹ́, aládùúgbò, oníkẹ̀kẹ́ tó gbé ọmọ rẹ délé, ẹni tó ń bá ẹ ṣiṣẹ́ tó fi fáìlì ránṣẹ́ sí ẹ: "o ṣé" tàbí "ẹ ṣé" ti tó. "Ẹ ṣeun" fi díẹ̀ wúwo ju "ẹ ṣé" lọ létí mi, ìyẹn ni mo fi máa ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ẹni náà bá jẹ́ àgbà tí kò sún mọ́ni. "Ẹ ṣé, sà" àti "ẹ ṣé, mà" ti wọlé sí wa lára, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ọ̀kan tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń ṣì lò ni "káre". Òkè ló ti ń wá sísàlẹ̀. Bàbá á sọ fún ọmọ pé ó káre. Bí ọmọ bá kọ "ẹ káre, sà" sí ọ̀gá rẹ̀, ó ti di ẹni tó ń yin àgbàlagbà bí ẹni yin ọmọ ilé ìwé.

Àǹfààní mìíràn ni pé ó kúrú. Bí ẹ bá ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ránṣẹ́, tí kì í ṣe wásáàpù, 160 ni iye àmì tó máa wọ inú ẹyọ kan. Àmọ́ tí ẹ bá ti tẹ ẹyọ "ẹ" tàbí "ṣ" kan ṣoṣo tó ní àmì nísàlẹ̀, ó di 70, ohun tí ẹ kọ á pín sí méjì tàbí mẹ́ta, ilé iṣẹ́ fóònù á sì yọ owó rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi àmì sí i. Bí ẹ ò bá ní fi àmì sí i, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa fi àyè sílẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀. "E se" ṣeé kà, ẹni tó bá gbà á mọ̀ pé ìdúpẹ́ ni. "Ese" ni kò yéni bóyá ẹsẹ̀ ni tàbí ẹ̀ṣẹ̀. Èyí tó burú jù tí mo ti rí ni "Oku ise o" tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi parí ọ̀rọ̀ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Ó fẹ́ sọ pé "o kú iṣẹ́", àmọ́ òkú ni ojú kọ́kọ́ rí.

Fún ọ̀rẹ́ tó dúró ti ìkòkò, èyí ni a mú. Obìnrin náà kọ́kọ́ fẹ́ kí n fi "Èmi ni tìrẹ ní tòótọ́" sí i kó lè níyì. Mo ní tí ọ̀rẹ́ yín bá rí ìyẹn, á pè yín lálẹ́ ọjọ́ náà, á ní kí ni òun ṣe fún yín. Ọ̀rọ̀ tó ju ẹni lọ máa ń fi ààlà sáàárín ọ̀rẹ́ méjì. Ohun tí a wá tẹ̀ nìyí:

O ṣé, ọ̀rẹ́ mi. Ojú mi ò ní kúrò lára bí èéfín ṣe ń bá ẹ jà nídìí ìkòkò yẹn tí o ò sì kúrò níbẹ̀. Ó dàbọ̀ o, ká pàdé ní ọjà Wàásò.

Ohun tó jẹ́ kó wúwo ni èéfín ìkòkò yẹn. Níbi tí ìparí bá ti fúyẹ́, ohun pàtó kan tí ẹni náà ṣe ló máa gbé e dúró. "O ṣé" láìsí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀ lè dà bí ẹni fẹ́ kúrò nílẹ̀.

Mo dúpẹ́, a dúpẹ́

Ọpẹ́ lo ń dá níbí, nǹkan tí à ń gbé wá ni. Nítorí náà ó wúwo ju "ẹ ṣé" lọ, ó sì bá ẹni tó ṣe nǹkan ńlá mu: ẹni tó fi owó ṣe é, ẹni tó bá ẹ wá iṣẹ́, ẹni tó gba ọmọ rẹ sílé. Bí o bá ń kọ̀wé lórúkọ ilé, "a dúpẹ́" ló yẹ, kódà tó bá jẹ́ ìwọ nìkan lo mú bírò.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ oníbàárà mi wà níbí. Ó kọ "mo dúpẹ́ fún yín". Ohun tí wọ́n ṣe ni à ń dúpẹ́ fún, ọwọ́ ẹni tó ṣe é ni à ń dúpẹ́. "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún àdúrótì yín." Tí o bá ní "mo dúpẹ́ fún yín", ó lè dà bí ìgbà tí o ń bá wọn dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí ohun rere kan tó ṣẹlẹ̀ sí wọn. Àwọn ọmọ tó ń ka gẹ̀ẹ́sì jù lọ́jọ́ òní ni mo máa ń rí i lọ́wọ́ wọn jù, ó ti wá ń ran àwọn ìyá wọn.

Ohun kejì ni pé "mo dúpẹ́" kì í tán lójúmọ́ kan. Ẹni tó ṣe ẹ́ lóore lánàá, tí o bá rí i lónìí, o gbọ́dọ̀ ní "ẹ ṣé àná" tàbí "mo dúpẹ́ àná". Bó bá di oṣù kan, "mo dúpẹ́ ọjọ́sí". Ẹni tí kò bá sọ ọ́, wọ́n á ní kò mọ oore. Nítorí náà tí o bá fi "mo dúpẹ́" parí ọ̀rọ̀ sórí fóònù, ìdúpẹ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, ẹnu rẹ ṣì máa sọ ọ́ nígbà tí ojú bá kan ojú. Ìparí tó sì gbówó lórí jù nínú ẹbí rẹ̀ ni "mo ń bọ̀ wá dúpẹ́". Gbólóhùn ẹlẹ́sẹ̀ ni. Ẹ má kọ ọ́ bí ẹ ò bá ní lọ, nítorí ẹni tí ẹ kọ ọ́ sí ti ń retí yín nìyẹn.

Àdúrà

Ọ̀pọ̀ wa ni kò gbà pé lẹ́tà ti parí bí àdúrà kò bá sí nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo fara mọ́ ọn. Ó dára ní gbogbo ọ̀nà: ọmọdé lè ṣe é fún àgbà, àgbà lè ṣe é fún ọmọdé, kò náni ní kọ́bọ̀, ó sì máa ń mú èsì wá, nítorí ẹni tó bá gbà á kò lè ṣe kó má dáhùn "àmín". Àmọ́ òun náà ló máa ń ṣini lọ́nà jù, torí pé àdúrà gbọ́dọ̀ bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu.

Ẹ wo ohun tí obìnrin yìí kọ: "A ó san án padà fún yín bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́." Ká ní ìgbéyàwó ni, ẹni tó gbà á á rẹ́rìn-ín músẹ́, á mọ̀ pé ẹ ń gbàdúrà kí òun náà ṣe tòun ni. Ṣùgbọ́n ìsìnkú ni ó ń dúpẹ́ rẹ̀. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ nílé ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ kí ó tó lè san án padà bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́? Nígbà tí mo bi í, ó gbé ọwọ́ lórí, ó ní "háà, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Kò rò ó bẹ́ẹ̀ rárá. Owó ló ń rò, ó fẹ́ sọ pé òun ò ní gbàgbé oore. Àmọ́ ẹni tó bá kà á kò rí ọkàn rẹ̀, ohun tó wà nínú fóònù ló rí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ohun tí a máa ń sọ ni "ayọ̀ la ó fi san án" tàbí "nǹkan ayọ̀ la ó máa bá yín ṣe". Èkejì rẹ̀ ni "Ọlọ́run á jẹ́ kí ọjọ́ jìnnà síra". Ẹ lè lo méjèèjì pọ̀. Bó bá jẹ́ ìkómọ tàbí ìgbéyàwó, ẹ yí i padà: "tiyín náà á kàn láyọ̀" fún ẹni tí tirẹ̀ kò tíì dé. Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ rántí ipò ẹni náà. "Ẹ ó jẹun ọmọ" dùn létí ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin. Ẹni tó ti ń wá ọmọ láti ọdún mẹ́wàá lè gbà á bí àdúrà, ó sì lè bà á lọ́kàn jẹ́, èmi ò ní bá yín tẹ irú rẹ̀ àyàfi bí ẹ bá mọ̀ ọ́n dénú. "Ọlọ́run á dá yín sí fún wa" kì í ṣini lọ́nà fún àgbà kankan.

Àṣìṣe kẹta ni "ó dìgbòóṣe". Tí a bá tú u, kò burú: ó di ìgbà tó bá ṣe. Ṣùgbọ́n ibo lẹ ti máa ń rí i jù? Lára pátákó òkú ni, lábẹ́ àwòrán olóògbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ "sùn re o". Ó ti di ti òkú. "Ó dàrìnnàkò" náà bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà ti ń wo pátákó ìyá rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò yà mí lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ yẹn ló wà lẹ́nu rẹ̀. Fún ẹni tó wà láàyè, "ó dàbọ̀" ni, tí ilẹ̀ bá ti ṣú, "ó dàárọ̀, ká sùn re, ká jí re". Ẹ kíyè sí i pé "ká jí re" yẹn ló yọ "sùn re" kúrò lọ́wọ́ òkú.

Ohun kan ṣì wà lórí àdúrà, ìyẹn ẹ̀sìn. Ìlú onítẹ̀bọmi ni wọ́n máa ń pe Ògbómọ̀ṣọ́, àmọ́ mùsùlùmí pọ̀ níbí, inú agboolé kan náà la sì wà. Ẹ wo bí ẹni náà ṣe ń kọ ọ́ sí yín. Ẹni tó bá kọ "Ọlọ́hun", mùsùlùmí ni lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ kò ní fi "ní orúkọ Jésù" parí ọ̀rọ̀ sí i. Bí ẹ ò bá mọ̀, "Ọlọ́run" gba gbogbo wa.

Ọmọ yín, àbúrò yín, ìyàwó yín

Òkè yìí ń sọ ohun tí à ń sọ kí a tó fọwọ́ sí i. Ìfọwọ́sí náà ní tirẹ̀. Nínú lẹ́tà gbẹ̀fẹ̀, orúkọ ẹni nìkan kò tó. A máa ń sọ ohun tí a jẹ́ sí ẹni tí à ń kọ̀wé sí. "Èmi ni ọmọ yín" sí bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n bàbá, olùkọ́ tó kọ́ni dàgbà. "Èmi ni àbúrò yín" sí ẹni tó ju ni lọ díẹ̀. "Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ" sí ẹgbẹ́ ẹni.

Ìparí yìí ló ń fi ọ̀wọ̀ hàn jù láìlo ọ̀rọ̀ ńlá, torí pé o ti fi ara rẹ sí ìsàlẹ̀ ẹni náà. Obìnrin yìí ti kọ "Ìyáàfin" mọ́ orúkọ ara rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ báńkì ni, kò sí wàhálà. Sí ẹ̀gbọ́n ọkọ, ó ti fi oyè jókòó lórí àga níwájú ẹni tó yẹ kó kúnlẹ̀ fún. Mo ní kí ó jẹ́ ká kọ "Ìyàwó yín". Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, Èkó ni wọ́n ti tọ́ ọ, bi mí pé ṣé ẹ̀gbọ́n ọkọ náà ló fẹ́ ẹ ni. A rẹ́rìn-ín gan-an lọ́jọ́ náà. Ìyàwó ẹnì kan ni ìyàwó gbogbo ilé, láti orí bàbá ọkọ dé orí ọmọ tí wọ́n gbé pọ̀n, kò sí ẹni tó máa ṣì í gbọ́ nílé yẹn.

Ibi tí kò ti dára ni kí a máa fi "ọmọ yín" parí lẹ́tà sí ẹni tí kò mọ̀ wá rí. Àwọn tó ń wáṣẹ́ máa ń ṣe é. Ẹni tó gbà á á kọ́kọ́ wá ojú ọmọ náà, kò ní rí i, á wá gbà pé ẹ̀bẹ̀ ló fẹ́ fi wọlé. Ẹ má lọ bí ara yín fún ẹni tí kò bí yín.

Báyìí la wá ṣe tẹ ti ẹ̀gbọ́n ọkọ:

A dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ yín, sà, fún owó tí ẹ fi ránṣẹ́ àti bí ẹ ṣe ń pè lójoojúmọ́. Ayọ̀ la ó fi san án. Ọlọ́run á jẹ́ kí ọjọ́ jìnnà síra. Mo ń bọ̀ wá dúpẹ́. Mo yíkàá, sà. Èmi ni ìyàwó yín.

Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n fi "mo yíkàá" sí i. Bí ọkùnrin bá ní òun dọ̀bálẹ̀ ni tirẹ̀. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá a lójú pé ó máa lọ sí Ìbàdàn kí n tó fi "mo ń bọ̀" sílẹ̀. Ó ní ó dá òun lójú.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́

Èyí kò gba àkókò. Lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ ló ni ín, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé: àdírẹ́ẹ̀sì méjì lókè, àkọlé, kókó ọ̀rọ̀, "Èmi ni tiyín ní tòótọ́", ìbuwọ́lùwé, orúkọ ní kíkún, ipò tàbí nọ́ńbà ẹni. Kò fi ìfẹ́ hàn, kò sì fi ìkórìíra hàn, ìdí tó fi dára nìyẹn. Kò sí àdúrà lábẹ́ rẹ̀.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yẹn, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà lòun àti obìnrin yìí ń lọ, àǹtí ló máa ń pè é. Ó rò pé "ọmọ yín" ló yẹ. Mo ní rárá. Fáìlì ni lẹ́tà náà ń lọ. Lọ́dún tó ń bọ̀ tí ìgbìmọ̀ mìíràn bá ṣí i, tí wọ́n fẹ́ mọ bóyá ó yẹ kí wọ́n tún yá a lówó, wọn ò ní mọ ẹni tó ń jẹ́ àǹtí. Wọ́n á wo orúkọ, nọ́ńbà, àti ohun tó sọ nípa owó náà. Nítorí náà: "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀. N óò máa san án lóṣooṣù bí a ṣe jọ fẹnu kò. Èmi ni tiyín ní tòótọ́." Ìlà àárín yẹn ni ilẹ̀kùn tí mo ní kí a ṣí sílẹ̀. Ó lè lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ àǹtí fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn.

Sí ààfin

Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé e wá, àmọ́ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú àti àwọn tó fẹ́ ṣayẹyẹ máa ń kọ̀wé sí Kábíyèsí. Níbẹ̀, àdúrà ìparí dájú, kò sí ẹni tó ń fi "ẹ ṣeun" lásán parí rẹ̀: "Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀, kí ìgbà yín tu ará ìlú lára." Kò náni ní nǹkan, kò sì sí bí ẹ ṣe lè ṣì í kà. Ohun tó lè bàjẹ́ ni kí ẹ mú oyè ọba kan fún ọba mìíràn. "Ikú Bàbá Yèyé" ti Aláàfin ni, ẹ má gbé e wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ nítorí pé ó dùn lẹ́nu.

Mo ti jẹ̀bi irú rẹ̀ rí. Mo ní lẹ́tà àtijọ́ kan tí mo máa ń lò bí àpẹẹrẹ nínú kọ̀ǹpútà, mo kàn máa ń yí déètì àti orúkọ ẹgbẹ́ padà. Ọba Jimoh Oyèwùmí Ajagungbadé Kẹta wàjà ní oṣù Kejìlá 2021. Ní 2023, lẹ́yìn tí Ọba Ghandi Ọláoyè Orúmogege Kẹta ti di Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, ẹgbẹ́ kan ní kí n tẹ lẹ́tà ìkíni fún wọn. Mo yí gbogbo òkè rẹ̀ padà dáadáa. Ìlà ìparí ni mi ò kà, orúkọ ọba tó wàjà ṣì wà níbẹ̀, tí à ń gbàdúrà kó pẹ́ lórí ìtẹ́. Alága ẹgbẹ́ náà ló rí i níbi tó ti fẹ́ fọwọ́ sí i. Ó kàn yí bébà náà sí mi, ó fi bírò tọ́ka sí i, kò sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà, ìsàlẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka lẹ́tà kí n tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Bí o bá ń kọ̀wé sí ẹgbẹ́ rẹ tàbí ẹni tó ṣe nǹkan kékeré fún ẹ, mú "o ṣé" tàbí "ẹ ṣé", kí o fi ohun pàtó kan gbé e lẹ́sẹ̀, má fẹ̀ ẹ́ jù. Ẹni tó fi owó tàbí ara ṣe é, "mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín" ni, pẹ̀lú àdúrà tó bá ìṣẹ̀lẹ̀ mu. Bí ẹni náà bá jẹ́ àgbà ilé yín, fi ohun tí o jẹ́ sí i fọwọ́ sí i, kí o yọ oyè kúrò lára orúkọ rẹ. Ọ́fíìsì, ẹgbẹ́, ilé ìwé, tàbí ẹni tí kò mọ̀ ẹ́ rí, "tiyín ní tòótọ́" ni, kódà bí ọ̀rẹ́ rẹ bá jókòó níbẹ̀. Ẹni tí kò bá sì lè pinnu láàárín "ọmọ yín" àti "tiyín ní tòótọ́", kó bi ara rẹ̀ léèrè pé ta ló tún máa ka lẹ́tà náà yàtọ̀ sí ẹni tí òun kọ ọ́ sí. Bí ẹlòmíràn bá máa kà á, "tiyín ní tòótọ́" ni èmi máa mú. Nínú ẹgbẹ́ wásáàpù ẹbí, tí ọmọdé àti àgbà jọ wà níbẹ̀, "ẹ ṣé, a dúpẹ́" ló gba gbogbo wọn, nítorí "ẹ" náà ni fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ní ọjọ́ kejì, obìnrin náà padà wá. Ó na fóònù sí mi kó tó jókòó. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ti dáhùn:

Àmín o, ìyàwó wa. Mo ti sọ fún ìyá àwọn ọmọ pé ẹ ń bọ̀. Ṣé Sátidé yìí ni tàbí èyí tó ń bọ̀?

Ó ní kí n bá òun wò ó, èló ni wọ́n ń gbà dé Ìbàdàn báyìí.